Àtẹ BYD àti x Tí Kò Ṣeé Gbójú Fò: Ìṣirò Kíki ní Ipò Déédéé

Nínú ìwé ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, gbólóhùn kan wà tí ó máa ń dà bí ẹni pé ó rọrùn láti yí sí èdè Yorùbá. Gbólóhùn náà ni èyí tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbójú fo x nítorí pé ó kéré. Bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ pé “x kò sí”, ó ti ṣì í pátápátá. Bí ó bá kọ ọ́ pé “x kò tó nǹkan”, ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé, nítorí pé ohun tí kò tó nǹkan gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tí a fi wé. Náírà mẹ́wàá kò tó nǹkan lára ẹgbẹ̀rún náírà. Lára náírà márùndínlógójì, ó tó nǹkan gan-an. Ìtumọ̀ tí ó pé ni “x kò tó nǹkan lára kíki ìbẹ̀rẹ̀”, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ni ó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ibi tí ó ti lè gbójú fo x, àti ibi tí kò ti lè dán an wò.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan ṣe kedere. Kíki ni iye móòlù ohun kan tí ó wà nínú lítà kan. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti ro ẹ̀kọ rí: ẹ̀kọ kan náà lè ki, ó sì lè ṣàn, bí omi tí a bù sí i bá ṣe pọ̀ tó. Ipò déédéé ni ipò tí ìyídà kẹ́míkà wà nígbà tí ohun tí ń lọ síwájú àti ohun tí ń padà sẹ́yìn bá ń yára bákan náà. Àwọn kan ti dábàá “ọ̀mì” fún èyí, wọ́n mú un láti inú eré ayò, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a bá ta ọ̀mì, eré ti parí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìyídà kẹ́míkà kì í parí ní ipò déédéé. Ẹ̀kẹta ni àìyẹsẹ̀, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ K. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè méjì, Cato Guldberg àti Peter Waage, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé òfin tí K ti jáde kalẹ̀ ní ọdún 1864. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n ooru kò bá ti yí padà, K kì í yẹ ẹsẹ̀, ohun yòówù kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà hàn. Gáàsì N₂O₄ kò ní àwọ̀. Bí móòlù rẹ̀ kan bá pín, ó di móòlù méjì NO₂, tí àwọ̀ tirẹ̀ dà bí ti erùpẹ̀ pupa:

N₂O₄ ⇌ 2NO₂

Bí ìgò dígí tí a dí pa, tí gáàsì méjèèjì wà nínú rẹ̀, bá bọ́ sínú omi gbígbóná, àwọ̀ inú rẹ̀ a máa jinlẹ̀ sí i. Bí ó bá bọ́ sínú omi dídì, àwọ̀ náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. (Májèlé ni NO₂ fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ìgò náà kò gbọdọ̀ ṣí nínú kíláàsì.) Ní 25°C, iye tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń lò fún àìyẹsẹ̀ ìyídà yìí jẹ́ 0.0046, èyí tí ó túmọ̀ sí pé:

K = [NO₂]² / [N₂O₄] = 0.0046

Àmì [ ] dúró fún kíki ní ipò déédéé. Ká ní móòlù 0.100 N₂O₄ ni a fi sínú ìgò tí ó gba lítà 5.00 ní 25°C, mélòó ni kíki gáàsì kọ̀ọ̀kan nígbà tí nǹkan bá dé ipò déédéé? Ohun àkọ́kọ́ ni pé iye móòlù kò gbọdọ̀ wọ inú àtẹ bẹ́ẹ̀; kíki ni K mọ̀. Nítorí náà, 0.100 tí a fi 5.00 pín di 0.0200 móòlù nínú lítà kan.

Àtẹ tí a ń lò fún irú ìṣirò yìí ní ìlà mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni máa ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta pè é, orúkọ náà sì wá ṣe kòńgẹ́ orúkọ omi dídì lédè wọn. Kò ṣeé ṣe láti fi ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá ṣe irú rẹ̀. Ìdí ni pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni ó máa ń ṣíwájú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe: ìbẹ̀rẹ̀, ìyípadà, ìdọ́gba. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wá máa jẹ́ Ì, Ì, Ì, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní í mọ èyí tí ó ń bá lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ àfòmọ́ náà kúrò, tí a mú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, yí padà àti dọ́gba yóò fún wa ní B, Y àti D, tí wọn kò jọ ara wọn. Orúkọ àtẹ BYD ti inú èyí jáde. Bí ó ṣe rí fún ìgò wa nìyí:

| | N₂O₄ | NO₂ |
|---|---|---|
| B | 0.0200 | 0 |
| Y | −x | +2x |
| D | 0.0200 − x | 2x |

Ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ pé ìlà B kì í ṣe àwòrán ohun tí ojú rí. Kò sí ìgbà kan tí ènìyàn lè wo inú ìgò náà ní 25°C kí ó bá N₂O₄ nìkan níbẹ̀, nítorí pé kíákíá ni pínpín rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ìwé ìṣirò oníṣòwò ni àtẹ náà jọ: ohun tí a kó wá, ohun tí ó wọlé tàbí tí ó jáde, ohun tí ó kù. Ìlà Y nìkan ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé nọ́ńbà tí ó ṣíwájú gáàsì kọ̀ọ̀kan nínú ìyídà. Ìdí nìyí tí NO₂ fi gba 2x nígbà tí N₂O₄ pàdánù x kan péré.

Bí a bá wá kó ìlà D sínú K, ohun tí ó jáde ni:

(2x)² / (0.0200 − x) = 0.0046

Ibí yìí gan-an ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀nà àbùjá ni kí a sọ pé x kò tó nǹkan lára 0.0200, kí a sì fi 0.0200 lásán sí ìsàlẹ̀. Kí ẹ kíyè sí i pé x tí ó wà lókè kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé “x kò sí” yóò pa tòkè náà rẹ́, kò sì ní í sí ìṣirò kankan mọ́. Pẹ̀lú àbùjá náà, 4x² = 0.0046 lọ́nà 0.0200, èyí tí ó jẹ́ 0.000092. Nítorí náà x² jẹ́ 0.000023, x sì jẹ́ 0.00480.

Àbùjá náà kò tíì parí síbẹ̀, nítorí pé a ti ṣe ìlérí kan, a sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó ṣẹ. A ní x kò tó nǹkan lára 0.0200. Ṣùgbọ́n 0.00480 nínú 0.0200 jẹ́ ìdá 24 nínú 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin! Ohun tí àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì fẹnu kò sí ni pé bí x bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ, kò ṣeé gbójú fò mọ́.

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà kà bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ìdá 5 nínú 100 jẹ́ ọ̀kan nínú ogún. Ẹni tí ó ní mọ́kàndínlógún tí ó sì sọ pé “bí ogún” kò purọ́ tí yóò ba ọjà jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò tí yóò gba ẹẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ ènìyàn kí ó sì kọ ogún sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹẹ́rìndínlógún nínú ogún ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kù nínú ìgò wa, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe hàn láìpẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe dín tí ó wà nínú orúkọ nọ́ńbà wọ̀nyí ni àmì ìyọkúrò tí ó wà nínú 0.0200 − x. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka ìlà D sókè pé “0.0200 dín x” ti ń gbọ́ ohun tí àbùjá fẹ́ kí ó gbàgbé.

Nígbà tí àbùjá ti kùnà, 0.0200 − x gbọ́dọ̀ dúró bí ó ṣe rí. Bí a bá fi í sọ 0.0046 di púpọ̀, tí a sì kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, a ó rí:

4x² + 0.0046x − 0.000092 = 0

Èyí ni ìṣèdọ́gba onípele kejì, nítorí pé x lọ́nà ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀, x lásán náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín, 0.0046x, ni àbùjá ti jù nù láìsọ. Bí 4 bá jẹ́ a, tí 0.0046 jẹ́ b, tí −0.000092 sì jẹ́ c, òfin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ nínú ìṣirò yóò ṣiṣẹ́:

x = [−b ± √(b² − 4ac)] / 2a

Níhìn-ín, b² jẹ́ 0.00002116. Nítorí pé c ní àmì ìyọkúrò, −4ac di ìròpọ̀, ó sì jẹ́ 0.001472; àmì yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọnù sí, bí wọ́n bá sì sọnù, nọ́ńbà tí ó kéré sí òdo ni wọn yóò bá lábẹ́ àmì gbòǹgbò. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 0.00149316, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 0.03864. Iye méjì ni ó jáde fún x:

x = (−0.0046 + 0.03864) / 8 = 0.004255
x = (−0.0046 − 0.03864) / 8 = −0.005405

Kì í ṣe nítorí pé ó burú lójú ni a fi ń kọ èkejì. Bí a bá fi í sínú àtẹ, kíki NO₂ yóò jẹ́ −0.01081, kò sì sí ohun tí ó lè kéré ju àìsí lọ nínú ìgò. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé K fúnra rẹ̀ kò lè tú àṣírí rẹ̀: −0.01081 lọ́nà ara rẹ̀, tí a fi 0.02541 pín, jẹ́ 0.0046 géérégé, nítorí pé ìlọ́po-ara ti pa àmì ìyọkúrò rẹ́. Àtẹ ni ó ń lé e jáde. Al-Khwarizmi, tí ó kọ̀wé lórí irú ìṣèdọ́gba yìí ní Bàgídáàdì ní sẹ́ńtúrì 9, kò tilẹ̀ ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí. Nínú kẹ́mísírì, ìwà rẹ̀ yẹn ṣì tọ̀nà. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí x bá kéré sí òdo ni ó yẹ kí a kọ̀ ọ́. Bí gáàsì méjèèjì bá ti wà nínú ìgò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyídà lè padà sẹ́yìn, x tí ó ní àmì ìyọkúrò sì lè jẹ́ òótọ́. Kíki inú ìlà D ni kò gbọdọ̀ kéré sí òdo.

Pẹ̀lú x = 0.004255, kíki N₂O₄ jẹ́ 0.0157, ti NO₂ sì jẹ́ 0.00851. Bí a bá wò ó nínú ogún, ohun tí ó kù nínú N₂O₄ jẹ́ 15.7: ẹẹ́rìndínlógún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Nọ́ńbà méjì péré ni a mọ̀ dájú nínú K, nítorí náà 0.016 àti 0.0085 ni ó yẹ kí a kọ sínú ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìparí ni ibi tí a ti ń gé nọ́ńbà kúrú. Ẹni tí ó bá ń gé e ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò rí i pé ìdáhùn rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìdáhùn tí ó ti ṣìnà? Àwọn kan máa ń ka N₂O₄ tí ó kù pọ̀ mọ́ ìdajì NO₂ láti rí i bóyá ó jẹ́ 0.0200. Àyẹ̀wò yẹn kò wúlò fún èyí, nítorí pé x yòówù tí a bá fi sínú àtẹ, títí kan èyí tí kò tọ̀nà, ni yóò fún wa ní 0.0200. Àyẹ̀wò tí ó ṣe é gbára lé ni kí a dá ìlà D padà sínú K. Fún ìdáhùn wa, 0.00851 lọ́nà ara rẹ̀, tí a fi 0.01574 pín, jẹ́ 0.0046. Fún ìdáhùn àbùjá, 0.00959 lọ́nà ara rẹ̀, tí a fi 0.0152 pín, jẹ́ 0.0061. Ó ti ju 0.0046 lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì sí bí a ṣe lè sọ pé nọ́ńbà tí a gé kúrú ni ó fà á.

Àyẹ̀wò kan náà ni ó máa ń mú àṣìṣe kejì, èyí tí ó jẹ́ ti èdè ju ti ìṣirò lọ. Bí olùkọ́ bá ka (2x)² sókè pé “ìlọ́po méjì x lọ́nà ara rẹ̀”, etí kò mọ̀ bóyá x nìkan ni “ara rẹ̀” ń tọ́ka sí ni, tàbí gbogbo ìlọ́po méjì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ yóò kọ 2x² dípò 4x². Yóò rí 0.00573 fún x, iye tí kò jọ èyí tí ó burú rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá a padà sínú K, 0.0092 ni yóò bá, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì K géérégé. Olùkọ́ tí ó bá sì rí ìlọ́po méjì yẹn nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ibi tí ó ti ṣubú. Kíkà tí ó dára jù ni kí a ya ìṣísẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: “sọ x di méjì; lẹ́yìn náà, fi ohun tí o rí sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.” Ó gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́ sí ọ̀nà méjì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ lo òfin onípele kejì lè padà ṣe àbùjá náà léraléra, kí ó máa fi x tí ó rí yọ nínú 0.0200 kí ó tó tún un ṣe. Láti 0.00480, yóò rí 0.00418, lẹ́yìn náà 0.00427, lẹ́yìn náà 0.00425. Ó ń lọ sókè sódò bí òṣùwọ̀n tí ń wá ibi tí yóò dúró, ó sì ń sún mọ́ 0.004255. Bí x bá pọ̀ ju báyìí lọ lára kíki ìbẹ̀rẹ̀, sísún mọ́ náà a máa falẹ̀, òfin onípele kejì á sì yá jù ú lọ.

Ó ṣeé ṣe láti mọ̀ ṣáájú bóyá àbùjá yóò kùnà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ohun tí wọ́n kọ ni pé kíki ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju K lọ ní ìlọ́po 400, kí a tó lè gbójú fo x. Láti inú ogún ni 400 yẹn ti wá, ogún lọ́nà ogún, ó sì jẹ́ ti ìyídà tí x² lásán wà lókè, irú èyí tí a ń bá pàdé nínú ásíìdì tí kò lágbára. Kò yẹ kí olùtumọ̀ gbé e wọ inú gbogbo ìṣirò. Fún N₂O₄, 4x² ni ó wà lókè, nítorí náà 100 ni ààlà náà. Nínú ìgò wa, 0.0200 tí a fi 0.0046 pín kò ju 4.3 lọ. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ohun tí ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé bíbomi là, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa gáàsì, kò mú kí x túbọ̀ ṣeé gbójú fò. Ká ní móòlù 0.100 kan náà ni a fi sínú ìgò lítà 10.0 dípò lítà 5.00. Kíki ìbẹ̀rẹ̀ di 0.0100, ìṣèdọ́gba sì di 4x² + 0.0046x − 0.000046 = 0. Iye x tí ó jáde jẹ́ 0.00286. Ó kéré sí 0.004255 ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń wo x nìkan lè rò pé ewu ti dínkù. Ṣùgbọ́n lára 0.0100, ìdá 28.6 nínú 100 ni, nígbà tí ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 21.3. Àbùjá yóò sọ pé ìdá 33.9 ni. Bí gáàsì náà bá ṣe ń fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tí ó ń pín nínú N₂O₄ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni àbùjá ń jìnnà sí òótọ́.